Lẹ́tà sí oníbàárà lẹ́yìn tí a dá ìpolówó rẹ̀ dúró

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́ta la ń ṣe ilé-iṣẹ́ ìpolówó ní Kàbà. Oníbàárà wa kan, bàbá àgbàlagbà, ní hòtẹ́ẹ̀lì àti gbọ̀ngàn àsè ní Ìsánlú. A ti to ìpolówó ọdún Kérésì wọn sílẹ̀ títí di 20 oṣù Kejìlá. Alẹ́ ọjọ́ 8 ni ìròyìn dé pé wọ́n jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà, a bá dá gbogbo rẹ̀ dúró. Inú ń bí Bàbá. Wọ́n ní ká kọ lẹ́tà sí àwọn: kí ló dé, ìgbà wo ni yóò padà, owó àwọn ńkọ́? Báwo la ṣe máa kọ ọ́ tí wọn ò fi ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa?"

Ọ̀kún o, ẹ̀yin àbúrò mi. Ẹ kú ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n kó lọ, Olúwa á dá wọn padà fún wa láàyè. Dídá tí ẹ dá ìpolówó yẹn dúró lálẹ́ ọjọ́ náà tọ̀nà, lẹ́tà yín kò sì gbọdọ̀ máa tọrọ àforíjì fún un. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí Bàbá náà nídìí. Ní ilẹ̀ Yàgbà tí Ìsánlú wà, ẹni tó bá ń ta yàrá àti gbọ̀ngàn, ìparí ọdún ló fi ń gbé oṣù tó kù ró. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ wa ń ti Èkó, Àbújá àti Ìlọrin wálé, ìgbà yẹn ni ìgbéyàwó, ìpàdé ìlú àti ìsìnkú àwọn àgbà máa ń já lura wọn. Ó ṣeé ṣe kí Bàbá ti ra àpò ìrẹsì jọ, kí wọ́n ti rọ dísẹ́ẹ̀lì sínú jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n sì ti sanwó àsansílẹ̀ fún àwọn onílù. Bí ẹ bá wá kọ lẹ́tà tó ń ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀mí ju owó lọ, ohun tí wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó bí yín ni ẹ ń kọ́ wọn. Ohun tí Bàbá kò mọ̀ ni ohun tí ẹ fọwọ́ kàn nínú kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ibẹ̀ ni kí lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀.

Gbólóhùn tí mo máa ń rí nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni "a ti dá ìpolówó yín dúró", lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kọ ìbánikẹ́dùn gígùn. Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí kò lè mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí. Ó lè rò pé ẹ ti pa fọ́tò àti fídíò òun rẹ́. Ó lè rò pé owó tí òun san ti wọgbó. Ó tilẹ̀ lè rò pé ojú-ewé hòtẹ́ẹ̀lì òun lórí Fesibúùkù ti di títì, pé ẹni tó bá ń wá yàrá níbẹ̀ kò ní rí nọ́ńbà fóònù òun mọ́. Mo fura pé ọ̀kan nínú èrò wọ̀nyí, bí kì í bá ṣe gbogbo wọn, ló wà nídìí ìbínú Bàbá, nítorí náà ẹ sọ ọ́ ní kedere pé kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú wọn.

Ọ̀nà méjì ni ìpolówó yẹn ń gbà jáde. Ọ̀kan ni àtẹ̀jáde ọ̀fẹ́ tí ẹ ti kọ sílẹ̀, tí ẹ fún ní ọjọ́ àti aago, tí yóò sì gbé ara rẹ̀ jáde sí Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù bí aago náà bá lù. Èkejì ni èyí tí ẹ ń sanwó lé lórí, tí Mẹ́tà, ilé-iṣẹ́ tó ni Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù, ń gbé lọ síwájú àwọn tí kò tẹ̀lé ojú-ewé náà rí, bí ọmọ Ìsánlú tó ń gbé ní Àbújá. Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń ṣàkóso àwọn méjèèjì, dídá ọ̀kan dúró kì í sì í dá èkejì dúró. Mo mọ ilé-iṣẹ́ kan tó yọ gbogbo àtẹ̀jáde rẹ̀ kúrò lórí ètò lálẹ́ ọjọ́ àjálù, tí wọ́n lọ sùn, tí fídíò ijó tí wọ́n sanwó lé lórí sì ń lọ káàkiri títí ilẹ̀ fi mọ́, tí àwọn ẹbí ẹni tó kú ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ lẹ́tà, ẹ padà lọ wò ó pé àwọn méjèèjì ti dúró lóòótọ́, nítorí ohun tí ẹ bá kọ ni wọ́n á fi mú yín.

Fún àtẹ̀jáde ọ̀fẹ́, inú Meta Business Suite ni ẹ ó lọ, níbi tí wọ́n kọ Planner sí. Kò sí bọ́tìnnì kan ṣoṣo níbẹ̀ tó ń dá gbogbo rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó mú wọn, kí ẹ sún ọjọ́ wọn síwájú tàbí kí ẹ kó wọn sí Drafts, níbi tí wọn kò ti ní jáde fúnra wọn. Kíkó wọn sí Drafts ni mo fara mọ́, nítorí èyí tí ẹ sún síwájú á ṣì jáde fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tuntun náà bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò mọ bí ìlú á ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kó wọn lọ, ẹ ya fọ́tò ojú Planner náà pẹ̀lú ọjọ́ àti aago gbogbo wọn, kí ẹ má bàa fi orí rántí èyí tó yẹ kó jáde lọ́jọ́ wo. Fọ́tò yẹn náà ni ẹ ó so mọ́ lẹ́tà, kí Bàbá lè fi ojú ara wọn rí i pé iṣẹ́ àwọn ṣì wà níbẹ̀. Fún èyí tí ẹ ń sanwó lé lórí, inú Ads Manager ni, bọ́tìnnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìpolówó náà ni ẹ ó pa. Iye owó tó ti lọ ṣì lè fi díẹ̀ ga sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á, torí pé ìṣirò àwọn tó ti rí i ṣáájú kì í tètè parí, nítorí náà ẹ má kọ iye tí ẹ rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn sínú lẹ́tà. Iye tó bá wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń kọ ọ́ ni kí ẹ lò.

Ọ̀rọ̀ owó ló gba sùúrù jù. Ẹ ò sọ iye tí Bàbá san, nítorí náà màá fi àpẹẹrẹ ṣe é, ẹ̀yin ẹ wá fi iye yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ₦120,000 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìpolówó olówó láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 20, ₦6,000 lójúmọ́ nìyẹn bí a bá pín in dọ́gba. Ká ní ₦46,300 ti lọ nígbà tí ẹ pa á lálẹ́ ọjọ́ 8, ó ku ₦73,700. Owó yìí kò bọ́ sọ́wọ́ yín, Mẹ́tà náà kò sì tíì gbà á fún ìpolówó kankan. Bí ẹ bá ti san án síwájú, yóò wà nínú àkáǹtì ìpolówó náà. Bó bá jẹ́ pé káàdì ni Mẹ́tà ń fà á lára rẹ̀, a jẹ́ pé kò tíì kúrò lórí káàdì. Ẹ kọ èyí sílẹ̀, ẹ sì fi hàn wọ́n.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í kíyè sí. Bó bá jẹ́ pé Lifetime budget ni ẹ yàn, ìyẹn owó àpapọ̀ fún gbogbo àkókò náà, ẹ̀rọ náà kì í rántí pé ẹ ti dúró. Nígbà tí ẹ bá tún tan án, yóò kó gbogbo èyí tó kù, yóò pín in sáàárín ọjọ́ tó ṣẹ́kù kó tó di ọjọ́ 20. Bí ẹ bá tan án lọ́jọ́ 13, ọjọ́ mẹ́jọ ló kù, owó ojoojúmọ́ ti di nǹkan bíi ₦9,200. Bó bá di ọjọ́ 15 kí ẹ tó tan án, ọjọ́ mẹ́fà ló kù, ó ti sún mọ́ ₦12,300, ìlọ́po méjì ohun tí Bàbá fọwọ́ sí. Àwọn èèyàn kan náà ni yóò sì máa rí i léraléra, ní àkókò tí ọ̀rọ̀ ìjínigbé ṣì gbóná. Nítorí náà, kí ẹ tó tan án, ẹ sún ọjọ́ ìparí síwájú tàbí kí ẹ dín owó náà kù, kí ẹ sì sọ nínú lẹ́tà èyí tí ẹ fẹ́ ṣe. Bó bá jẹ́ Daily budget ni, ìyẹn owó tí ẹ dá fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó ti kọjá kò ná nǹkan kan, kò sì sí pé owó ń sáré.

Ẹ lè ti gbọ́ pé ìpolówó tó bá dúró pẹ́ máa ń padà di ọmọ tuntun. Òótọ́ ni. Bí Ad set, ìyẹn ìdì ìpolówó tí ẹ yan owó àti àwọn tó máa rí i fún, bá dúró fún ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò tún padà sí ipò tí wọ́n ń kọ Learning sí iwájú rẹ̀, tí ẹ̀rọ yóò tún máa wá àwọn tó lè fẹ́ yàrá. Lásìkò yẹn, iye tí ẹ máa ná kí ẹnì kan tó kàn sí hòtẹ́ẹ̀lì lè ga. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ tìtorí èyí kánjú. Bí ẹ bá tún ọ̀rọ̀ inú ìpolówó náà kọ, bí mo ṣe máa ní kí ẹ ṣe láìpẹ́, ó ṣeé ṣe kó padà síbẹ̀ bákan náà. Ẹ kàn sọ fún Bàbá pé ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìpadàbọ̀ lè má mú bí ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má bàa rò pé ẹ ń dọ́gbọ́n.

Ní ti ìdí tí ẹ fi dá a dúró, ẹ má sọ ọ́ ní gbogbogbòò lásán, ẹ mú un wá sórí ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìpolówó náà fúnra rẹ̀. Ó dá mi lójú pé ẹ ní irú àtẹ̀jáde yìí nínú ohun tí ẹ tò sílẹ̀: "Jímọ̀ yìí, ẹ jáde lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kó sínú ọkọ̀, ó di Ìsánlú! Ìlù ò ní dákẹ́ títí ilẹ̀ ó fi mọ́." Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ ìdùnnú ni. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ 9, ohun tó ń sọ ni pé kí ẹni tó wà ní Àbújá jáde lẹ́nu iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, kó gba Lọ́kọ́ja, Ọbájánà àti Kàbà, kó sì wọ ọ̀nà Mópà lóru, lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń wá èèyàn. Ẹni tí wọ́n kó ẹbí rẹ̀ lọ á rí i, á sì rí orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì Bàbá lókè rẹ̀. Ẹ fi àtẹ̀jáde kan ṣoṣo yẹn hàn Bàbá nínú lẹ́tà, pẹ̀lú aago tó yẹ kó jáde. Ó ju ojú-ìwé méjì àlàyé lọ. Nígbà tí wọ́n bá kà á bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn yẹn, mi ò rò pé wọ́n á tún béèrè ìdí.

Ibi tí Bàbá ti lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú ni pé ẹ dá ohun tiwọn dúró, bóyá láìkọ́kọ́ bi wọ́n. Ẹ wo ìwé àdéhùn yín. Bí ó bá fún yín láṣẹ láti dá àtẹ̀jáde dúró nítorí àjálù, ẹ tọ́ka sí ibẹ̀. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ má ṣe bí ẹni pé ó sọ. Ẹ kọ ẹni tó pinnu, aago tó pinnu, àti aago tí ẹ fi pe Bàbá. Bí ẹ kò bá pè wọ́n títí di ọjọ́ kejì, ẹ kọ ìyẹn náà bó ṣe rí. Àgbàlagbà tó ti ń ṣòwò tipẹ́ máa ń tètè mọ ibi tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ bo nǹkan. Mi ò rí àdéhùn yín, nítorí náà mi ò lè sọ pé Bàbá gbọ́dọ̀ san owó iṣẹ́ yín fún àwọn ọjọ́ tí ohunkóhun kò jáde. Ohun tí mo mọ̀ ni pé owó iṣẹ́ yàtọ̀ sí owó ìpolówó. Fọ́tò tí ẹ yà àti ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ti di ṣíṣe. Bó bá jẹ́ èmi, màá fi ọjọ́ kún àkókò iṣẹ́ náà títí di 31 oṣù Kejìlá láìgba kọ́bọ̀ lé e, màá sì tún àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó máa ń tẹ́ oníbàárà lọ́rùn ju kí ẹ dá ìdá díẹ̀ nínú owó padà lọ, torí pé àlejò ni wọ́n ń wá.

Ó wá ku ìgbà tí yóò padà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti ń bàjẹ́. Àwọn kan á kọ pé "nígbà tí nǹkan bá rọlẹ̀", ìyẹn kì í ṣe ọjọ́, Bàbá kò sì lè fi bá ẹni tó ń se oúnjẹ sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn á ṣèlérí pé ọjọ́ 13 dandan, bẹ́ẹ̀ wọn kò mọ ohun tí ọjọ́ 12 máa mú wá. Ohun tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni ọjọ́ ìpinnu: ọjọ́ tí ẹ̀yin àti Bàbá yóò jọ sọ̀rọ̀, tí ẹ ó sì yẹ àwọn nǹkan kan pàtó wò. Mo dábàá ọjọ́ 11 ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ohun tí ẹ ó wò kò pọ̀. Ṣé àwọn tí wọ́n kó lọ ti dé, àbí wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ ajínigbé? Ṣé ààfin Agbàna tó jẹ́ ọba Ìsánlú, ìgbìmọ̀ ìlú tàbí ìjọba ìbílẹ̀ ti kéde òfin kónílé-ó-gbélé, tàbí wọ́n ti sún ayẹyẹ kan síwájú? Ṣé ọkọ̀ èrò ń ná ojú ọ̀nà náà bó ti yẹ? Bàbá tó wà nílé mọ ìdáhùn ju ẹ̀yin tó wà ní Kàbà lọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ka, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ẹ̀yin nìkan lẹ di kọ́kọ́rọ́ mú.

Ìpadàbọ̀ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí ni mo gbà gbọ́ jù nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ. Dídá gbogbo rẹ̀ dúró lálẹ́ àkọ́kọ́ dára, torí pé kò sí ẹni tó ráyè jókòó ṣa wọ́n lálẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kí gbogbo rẹ̀ máa dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì yóò pa Bàbá lára láìsí ẹni tó jàǹfààní rẹ̀. Ẹ kó àtẹ̀jáde tó kù jọ, ẹ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wà tó kàn ń sọ pé yàrá wà, iye rẹ̀ nìyí, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè wá nìyí. Ìwọ̀nyí lè padà lákọ̀ọ́kọ́, nítorí ẹni tó ń bọ̀ wá bá ẹbí rẹ̀ kẹ́dùn náà nílò ibi tí yóò sùn sí. Àwọn kan wà tó ń pe èèyàn síta lóru, ìwọ̀nyẹn ni ẹ ó tún kọ. Àwọn tó jẹ́ ijó àti ariwo lásán, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró títí tí àwọn tí wọ́n kó lọ á fi dé. Bí Kérésì bá kọjá kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ má gbé wọn jáde mọ́ lọ́dún yìí. Ẹ sọ fún Bàbá láti ìsinsìnyí pé ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Àtẹ̀jáde Jímọ̀ tí mo mẹ́nu kàn lókè, bí mo ṣe máa tún un kọ nìyí: "Yàrá wà fún ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀sán rin ìrìn yín, kí ẹ sì pè wá kí ẹ tó gbéra. A ń gba àlejò wọlé láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́." Ẹ béèrè lọ́wọ́ Bàbá kí ẹ tó kọ aago kankan, torí pé àwọn ni wọ́n máa ṣí géètì. Ẹ sì ṣọ́ra fún gbólóhùn tí Bàbá lè ní kí ẹ fi sí i, bíi "ọ̀nà ti dára" tàbí "ààbò tó péye wà". Ẹ má kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò lè dúró fún ojú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ sí Kàbà, bí nǹkan kan bá sì ṣẹlẹ̀ sí àlejò kan, ìwé yẹn ni wọ́n á gbé jáde. Tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ tuntun sínú ìpolówó olówó, Mẹ́tà á tún yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Ó sábà máa ń parí láàárín wákàtí 24, nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi àyè sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 11 àti ọjọ́ 13.

Bí lẹ́tà náà ṣe lè rí nìyí, pẹ̀lú iye àpẹẹrẹ tí mo lò. Ẹ fi tiyín sí i, kí ẹ má sì jẹ́ kó kọjá ojú-ìwé kan.

"Ẹ̀yin Bàbá wa, a kí yín o, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìlú. Lẹ́tà yìí dáhùn ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ bi wá lórí fóònù láàárọ̀ yìí, 9 oṣù Kejìlá. Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ àná, a yọ àtẹ̀jáde 12 tó kù kúrò lórí ètò, a sì pa ìpolówó olówó. A kò pa ohunkóhun rẹ́. Ojú-ewé yín ṣì wà ní ṣíṣí, nọ́ńbà yín ṣì wà lórí rẹ̀, a sì ń dá gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé síbẹ̀ lóhùn. Fọ́tò àwọn àtẹ̀jáde náà pẹ̀lú ọjọ́ wọn wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí.

"Ìdí tí a fi ṣe é ni àtẹ̀jáde tí ìbá jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ yìí, tó ń sọ pé kí àwọn èèyàn kó sínú ọkọ̀ nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ kí wọ́n sì jó títí ilẹ̀ ó fi mọ́. A kò fẹ́ kí orúkọ yín wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn ìròyìn alẹ́ àná. Àwa la pinnu rẹ̀. A kò tíì bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tí a ṣe é, aago méje àárọ̀ la tó pè yín. Àdéhùn wa kò sọ ohun tó yẹ ká ṣe ní irú àsìkò yìí, a ó sì fẹ́ kí a jọ kọ ọ́ sínú rẹ̀.

"Nínú ₦120,000 owó ìpolówó, ₦46,300 ló ti lọ. ₦73,700 tó kù wà nínú àkáǹtì ìpolówó náà, kò sì ní lọ níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tan án. Bí a bá tan án, a ó sún ọjọ́ ìparí rẹ̀ láti ọjọ́ 20 sí ọjọ́ 24, kí owó ojoojúmọ́ má bàa jìnnà sí èyí tí ẹ fọwọ́ sí. A ó fi iṣẹ́ wa kún un títí di 31 oṣù Kejìlá láìgba owó mìíràn.

"A ó pè yín ní 11 oṣù Kejìlá, aago mẹ́wàá àárọ̀, kí a jọ wo bí ìlú ṣe rí. Bí kò bá sí òfin kónílé-ó-gbélé, tí ọkọ̀ sì ń rìn, àtẹ̀jáde mẹ́rin tó sọ nípa yàrá, oúnjẹ àti nọ́ńbà yín yóò padà láti ọjọ́ 13. Mẹ́ta tó ń pe èèyàn jáde lóru, a ó tún wọn kọ, ẹ ó sì kà wọ́n kí wọ́n tó jáde. Márùn-ún tó jẹ́ ti ijó yóò dúró títí tí àwọn èèyàn wa á fi dé. Bí ọjọ́ 11 kò bá dára, a ó tún sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ 14 ní aago kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dúró di ọdún tuntun, tàbí kí a fi owó tó kù ṣe nǹkan mìíràn, ẹ sọ fún wa, ohun yín ni."

Ìdí tí mo fi fi ọjọ́ 24 sí i ni pé láti ọjọ́ 13 sí ọjọ́ 24 jẹ́ ọjọ́ 12, ₦73,700 tí a bá sì pín sórí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦6,100, ó sún mọ́ ti àtẹ̀yìnwá. Bí ẹ bá sún ìpadàbọ̀ síwájú, ẹ tún un ṣírò. Lẹ́yìn Kérésì, ìpolówó yàrá fún Kérésì kò wúlò mọ́, nítorí náà ẹ má tìtorí kí owó lè tán nà án kọjá ibẹ̀. Owó tó bá ṣẹ́kù, kí Bàbá gbà á sí ìpolówó Àjíǹde tàbí ohun tí wọ́n bá fẹ́.

Ẹ má fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ kí Bàbá lè ní i lọ́wọ́, lẹ́yìn náà kí èyí tó dàgbà jù nínú yín pè wọ́n, kó sì jẹ́ kí wọ́n bínú tán kó tó sọ̀rọ̀. Bí ọ̀nà bá ṣeé rìn lọ́sàn-án, ó sàn kí ẹ lọ fúnra yín. Ẹ béèrè bóyá ọmọ wọn tàbí máníjà hòtẹ́ẹ̀lì ní àṣẹ lórí ojú-ewé náà, kí ẹni yẹn má bàa gbé fídíò ijó sí i fúnra rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá wọ́n ní ìpolówó kan tó ń lọ lórí rédíò tàbí lórí sítátọ́ọ̀sì Wáàsáàpù, torí pé èyí tí ẹ dá dúró kò kàn án.

Ó ṣeé ṣe kí Bàbá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín síbẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí pé lẹ́tà á dá a dúró, pàápàá bó bá jẹ́ pé yàrá ṣófo lọ́dún yìí tí wọ́n sì ń wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Bí ẹnì kan bá wá kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwọn àtẹ̀jáde àtijọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ, kí ọ̀kan nínú yín dá a lóhùn fúnra rẹ̀, kó má lo ìdáhùn tí ẹ ti tò sílẹ̀, kó má sì dárúkọ yàrá tàbí iye owó kankan. Ẹ wò ó ní àárọ̀ àti ní alẹ́ títí di ọjọ́ 11, kí ẹ sì pa àwọn ìdáhùn aládàáṣe inú Inbox náà fún ìgbà yẹn.